Nígbà Tí Ọ̀rá Bá Há Mọ́ Ọsàn: Yíyan Ike Tuntun àti Dídá Ihò sí I Nídìí

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé Ọ̀rẹ̀ ló jẹ́ pé ayálégbé ni wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé: àwọn kan ń wakọ̀ ní títì Ṣágámù sí Bìní, àwọn kan wà ní sọ́míìlì, àwọn kan ń kọ́ ọmọ níléèwé. Ẹni tó bá gbin ọsàn sílẹ̀ nínú àgbàlá onílé mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá kó ẹrù, igi náà kò ní bá òun lọ. Inú ike ló kúkú yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbìn ín sí. Yálà ọsàn wẹ́wẹ́ ni o tàbí ọsàn mímu, inú ọ̀rá dúdú la ti máa ń ra èèhù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọ̀rá yẹn ni kó gbé èèhù dé ọjọ́ tí wọ́n máa gbìn ín sóko. Kì í ṣe ilé tí igi máa gbé títí. Bí ọsàn bá lo nǹkan bí ọdún kan nínú rẹ̀, gbòǹgbò á ti kún un dẹ́nu. Ohun méjì ló wá yẹ ká mọ̀: bí ike tuntun ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àti bí ihò ìdí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa gbà pé kí ike ṣáà ti tóbi, àti pé ihò kan láàárín ìdí rẹ̀ ti tó. Ìgbàgbọ́ méjèèjì yìí ń pa ọsàn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà pa á: omi á jókòó sí ibi tí gbòǹgbò kò ti ní í mu ún tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é

Igi tí ààyè há mọ́ àti igi tí omi ń pa jọra lójú. Ewé àwọn méjèèjì máa ń rọ lọ́sàn-án. Wọn kì í rú ewé tuntun, ewé ìsàlẹ̀ wọn a sì máa pọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìtọ́jú tí ẹ fún un ló máa pa á, nítorí pé ike ńlá tó máa gba ti àkọ́kọ́ là ni yóò parí iṣẹ́ omi lára èkejì.

Ìwúwo ọ̀rá ni ẹ máa fi dá wọn mọ̀. Ẹ bu omi sí i láàárọ̀, kí ẹ gbé e wò lálẹ́. Bí ààyè bá há mọ́ gbòǹgbò, ọ̀rá náà á ti fúyẹ́, torí pé gbòǹgbò ti pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ nínú rẹ̀, omi ò sì rí ibi dúró sí. Ẹ máa rí i pé bí ẹ ṣe ń da omi sí i lókè ló ń sáré jáde nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi ló ń pa á, ọ̀rá náà á ṣì wúwo lọ́jọ́ kejì, omi á dúró lójú iyẹ̀pẹ̀ kó tó wọlé, ìdí rẹ̀ á sì máa rùn bí ẹrẹ̀ àbàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀rá, ẹ ó rí i tó ń yọ jáde nínú àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ike líle, ẹ bomi rin ín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ dojú rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan ní ìdí igi, kí ẹ sì gbá ìdí ike náà títí tí odindi iyẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò fi máa yọ. Gbòǹgbò tó wà láàyè máa ń funfun tàbí kó rí bí àwọ̀ ọ̀gì bàbà tó mọ́, ó sì máa ń le. Bí ó bá ti yí iyẹ̀pẹ̀ ká débi pé òun lẹ ń rí ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó ti tó àkókò. Bí iyẹ̀pẹ̀ ló ṣì pọ̀ jù tí ẹ ń rí, ẹ dá a padà, kò tíì yá.

Gbòǹgbò tó ti jẹrà máa ń dúdú, ó sì máa ń rọ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á, èèpo rẹ̀ á bọ́, ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín á dà bí òwú tín-ín-rín. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀, ẹ má ṣe wá ike tó tóbi. Ẹ gé gbogbo èyí tó jẹrà kúrò, kí ẹ wá ike tí kò ju ìyókù gbòǹgbò lọ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Inú àwọn tó ni ọsàn kì í dùn sí ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń gbà á là.

Bí ike tuntun ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rá kan. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó wà pẹlẹbẹ, torí pé bí ó bá kún, fífẹ̀ rẹ̀ á dín kù gan-an. Ká ní ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 6, tí gíga iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 9. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bíi líta 4.2.

Bí a bá fi íǹṣì 2 kún fífẹ̀ rẹ̀, tó di íǹṣì 8, tí gíga kò yí padà, inú rẹ̀ á gba líta 7.4. Ìyẹn ni pé àlàfo íǹṣì kan péré yí gbòǹgbò ká, ìwọ̀n oríkèé àtàǹpàkò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé náà di méjì. Bí a bá wá fo òkè, tí a mú ike tó fẹ̀ tó íǹṣì 12, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọ̀rá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gba bíi líta 16.7, ìlọ́po mẹ́rin. Nínú iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú irú ike bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò ní gbòǹgbò kankan nínú lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí igi nípò dà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Igi kì í mu omi tó jìnnà sí gbòǹgbò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí òjò Ọ̀rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, ìdá mẹ́ta iyẹ̀pẹ̀ yẹn á tutù lónìí, á tutù lọ́la. Omi á lé afẹ́fẹ́ jáde láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ń mí, ó nílò afẹ́fẹ́ náà. Orí gbòǹgbò tuntun tó bá kọ́kọ́ nasẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ kú. Àrùn tó sì ń tètè bá gbòǹgbò ọsàn nínú omi, ẹbí kan náà ni òun àti èyí tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi lásìkò òjò. Kò sí àgbẹ̀ kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó tí kò mọ ohun tí ọ̀rinrin tí kò tán máa ń fún irú àrùn bẹ́ẹ̀ láǹfààní láti ṣe.

Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ike tuntun gba ìlọ́po méjì ohun tí ti tẹ́lẹ̀ gbà, tàbí kó lé díẹ̀, kó má dé ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò, kó ṣáà wo íǹṣì kan sí íǹṣì kan àti ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo àwọn ike tó wà nílé. Rọ́bà ọ̀dà tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń wọn gàrí gba líta 4. Ó lẹ́wà, ó le, owó rẹ̀ ò pọ̀, torí náà òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ọsàn inú ọ̀rá sí. Ṣùgbọ́n líta 4 kò tó líta 4.2 tó wà nínú ọ̀rá. Ilé kan náà ni wọ́n tún gbé igi padà sí, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọ̀kan rọ̀, èkejì le. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà líta 20 ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Ti líta 10 ló bọ́ sí i: ó jẹ́ bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ike kan gbà, píọ̀ wọ́tà á sọ fún yín. Ọ̀kan jẹ́ ìdajì líta, àpò kan tó ní 20 nínú jẹ́ líta 10. Ẹ máa tú u sínú ike náà, kí ẹ máa kà á.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní nọ́ọ̀sìrì ọ̀pẹ, níhà Òkìtìpupa níbẹ̀ yẹn, lè ta kò mí. Á ní inú ọ̀rá kékeré làwọn ti ń gbé èèhù ọ̀pẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, inú ọ̀rá ńlá gbáà làwọn sì ń gbé e sí, tí kò sì kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó rántí bí ọ̀rá ńlá yẹn ṣe rí: gbogbo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n lu ní ihò yíká. Omi tí ọ̀pẹ kò bá mu ń rí ọ̀nà jáde láti ibi gbogbo. Inú oòrùn gbangba ni èèhù náà tún wà, gbòǹgbò ọ̀pẹ sì máa ń yára kún ilé rẹ̀. Ọsàn kì í yára bẹ́ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kò sì ní ihò kankan àfi èyí tí ẹ bá dá sí i.

Omi tó máa ń kù nísàlẹ̀

Kí a tó dá ihò, ó yẹ ká mọ ohun tí ihò lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹ mú fóòmù tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, èyí tó gùn, tó fẹ̀, tí kò nípọn púpọ̀. Ẹ rì í sínú omi títí tó fi máa mu yó, kí ẹ gbé e jáde ní pẹlẹbẹ láìfún un. Omi á kán díẹ̀, á sì dáwọ́ dúró. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró: omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìgbà tó bá tún dúró, ẹ gbé e nàró ní òró gbọọrọ: òmíràn á tún jáde. Fóòmù kan náà ni, ẹnì kankan ò sì fún un. Gíga rẹ̀ ló yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ inú ike ṣe ń ṣe. Bó ti wù kí ihò pọ̀ tó, ìpele kan máa ń wà nísàlẹ̀ tí omi kì í fi sílẹ̀, nítorí pé àárín hóró iyẹ̀pẹ̀ dì í mú ju bí ìwúwo omi ṣe lè fà á jáde lọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá kúnná, tó jẹ́ amọ̀, ìpele náà á ga. Bí yanrìn rẹ̀ bá pọ̀, á kéré. Ṣùgbọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú fífẹ̀ ike. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 2 nínú iyẹ̀pẹ̀ kan, íǹṣì 2 ni yóò jẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gíga, òun náà ni yóò jẹ́ nínú ọpọ́n tí kò jìn. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìn tó íǹṣì 10, ìdá kan nínú márùn-ún ni ẹrẹ̀ gbà. Nínú ọpọ́n tó jìn ní íǹṣì 5, ó ti gba ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọsàn, bó ti wù kó gba iyẹ̀pẹ̀ tó.

Ohun kan náà ló sọ àṣà dída òkúta tàbí àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ike di asán. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí omi jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú àlàfo òkúta àfi bí iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ bá ti yó kẹ́rí. Ìpele ẹrẹ̀ tó yẹ kó wà ní ìdí ike á kàn gòkè wá jókòó sórí òkúta, níbi tí gbòǹgbò wà. Íǹṣì 2 òkúta nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì íǹṣì 10 ti sọ ọ́ di bọ́kẹ́ẹ̀tì íǹṣì 8, láìdín ẹrẹ̀ rẹ̀ kù rárá.

Ihò ìdí

Omi ìpele ìsàlẹ̀ yẹn kò ṣeé mú kúrò. Iṣẹ́ ihò ni pé kí ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ jáde kíákíá, kó má ṣe kún gòkè. Kó tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ike, kó sì fẹ̀ tó.

Fún bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 10, ihò 8 ló dára: 5 yí etí ìdí rẹ̀ ká, 3 sí àárín. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó pẹ́ńsùlù, tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, kó má kọjá ìdajì íǹṣì kí iyẹ̀pẹ̀ má baà máa ṣàn jáde. Ihò tín-ín-rín tí wọ́n fi ìṣó kékeré lu kò wúlò. Omi máa ń so rọ̀ sẹ́nu rẹ̀ láìbọ́, ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ kékeré kan sì ti tó láti dí i. Ihò ńlá kan ṣoṣo láàárín burú lọ́nà tirẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí àpáàdì tàbí gbòǹgbò kan bá jókòó lé e lórí ni ike náà di ìkòkò omi.

Ẹ yẹ ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, tí kòtò tóóró kan sì yí i ká. Bí gbogbo ihò bá wà láàárín, omi á jókòó sínú kòtò yẹn títí ayé. Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ ni pé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá ihò tán, kí iyẹ̀pẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí ohun tó tẹ́jú, kí ẹ da kọ́ọ̀pù omi kan sínú rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe mì í. Bí omi bá jáde tán, ẹ wo inú rẹ̀. Ibi tí omi bá ṣì kù sí ni kí ẹ tún dá ihò sí.

Ìṣó íǹṣì 6 tí wọ́n fi iná gbóná ló rọrùn jù láti fi dá a. Ẹ fi púláyà dì í mú, kí ẹ dúró síta níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, torí èéfín ike kò dára fún àyà. Láti ìta ni ọwọ́ máa ń tó ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìṣó á sì ti ike tó yọ́ sínú, tí yóò mọ odi kékeré yí ihò ká. Odi yẹn á máa dá omi dúró. Bí ó bá ti tutù, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kó tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ìdí ike. Ohun kékeré ni, àmọ́ mo ti rí ihò 10 nínú ike kan tí omi ṣì dúró nínú rẹ̀ nítorí odi yìí.

Nígbà tí igi bá ti tóbi tó o, kẹ́ẹ̀gì líta 25 tí a gé orí rẹ̀ náà dára bí ó bá jẹ́ ti òróró. Èyí tí oògùn apakoríko wà nínú rẹ̀ rí, ẹ má fọwọ́ kàn án, bí ẹ bá tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Oko kòkó kún fún irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì máa ń fúnni. Ìkòkò amọ̀ ní tirẹ̀ ń mí láti ara, ó sì ń gbẹ kíá, ṣùgbọ́n bí kò bá ní ihò, òòlù àti ìṣó á fọ́ ọ. Ẹ rì í sómi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ìluhò alẹ́nu kékeré dá a díẹ̀díẹ̀.

Lórí ihò, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ẹyọ kan ti tó láti má ṣe jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ jáde. Ẹ má lo aṣọ tàbí ọ̀rá.

Ó ku ibi tí ike máa jókòó. Etí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń yọ sísàlẹ̀ bí òrùka. Bí ẹ bá gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, òrùka yẹn á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, gbogbo ihò yín á sì di ohun tí wọ́n dé pa. Ẹ wá àfọ́kù pákó mẹ́ta ní sọ́míìlì, kí ẹ fi gbé e sókè ní íǹṣì kan. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé. Láàárín oṣù mélòó kan, gbòǹgbò á gba inú ihò wọlẹ̀, igi á máa dán, ẹ ó rò pé ike ló gbà á. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, tí ẹ gbé e, gbòǹgbò tó ń bọ́ ọ gan-an ni ẹ máa já sílẹ̀ onílé. Kò sì gbọdọ̀ sí àwo lábẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò. Omi inú àwo á gba ihò padà wọlé, ẹ̀fọn á sì máa yé síbẹ̀.

Ọjọ́ ìṣípò

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ní ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ló dára jù. Igi á ní ọ̀pọ̀ oṣù láti na gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́ àfi bí omi bá ń ṣekú pa á.

Iyẹ̀pẹ̀ tí mo máa ń pò ni ilẹ̀ dúdú apá 3, yanrìn odò tó ní hóró apá 2, àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà apá 1. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín fi ìyẹ̀ igi tútù láti sọ́míìlì kún un nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọ̀rẹ̀. Bí ó ṣe ń jẹrà ni yóò máa gba ajílẹ̀ tó yẹ kí igi jẹ, ewé á pọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọ̀ mọ́ra tí yóò máa di omi mú.

Fún ọ̀rá líta 4.2 tí a ń gbé lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 10, rọ́bà ọ̀dà kan àti díẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ tuntun tí ẹ máa lò. Ẹ bomi rin igi lálẹ́ tó ṣáájú. Ẹ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ íǹṣì kan sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀: ẹ ó rí olórí gbòǹgbò tó ti dé ilẹ̀ ọ̀rá, tó sì ká bí ẹja inú ìkòkò. Ẹ gé gbogbo ibi tó ká yẹn kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ mímọ́, bí íǹṣì kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa ká lọ bẹ́ẹ̀ nínú ike tuntun, igi ò sì ní dúró ṣinṣin láé. Ẹ tún fa ọ̀bẹ láti òkè wá sísàlẹ̀ ní ojú mẹ́rin lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má jìn ju ìdajì íǹṣì lọ, kí gbòǹgbò tó ń yí po lè yà síta. Ọsàn ń fara da èyí. Ìbẹ́pẹ kì í fara dà á rárá, ọ̀pẹ náà ò sì fẹ́ kí wọ́n tú ìdí òun. Ní tiwọn, ẹ kàn ya ọ̀rá, kí ẹ gbé wọn wọlé bí wọ́n ṣe wà.

Iyẹ̀pẹ̀ tó kù ga ní íǹṣì 8. Pẹ̀lú íǹṣì kan nísàlẹ̀, íǹṣì kan á ṣẹ́kù lókè kí omi rí ibi dúró sí kó tó wọlé. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ tuntun yí i ká, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú àlàfo ẹ̀gbẹ́, torí pé bí ihò bá ṣẹ́kù níbẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa gbà sá lọ láìkan gbòǹgbò. Ẹ má fi igi gún un. Lára ọsàn tí wọ́n ti fi ojú igi mìíràn lẹ̀ mọ́, ẹ ó rí ibi tó wú díẹ̀ lára ìdí rẹ̀; ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lókè iyẹ̀pẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó, àrùn gbòǹgbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wá da píọ̀ wọ́tà méjì sí i, ìyẹn líta kan, kí ẹ sì tún dà á títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, líta tí ẹ bá tún dà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde láàárín bí ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, tí omi sì dúró lójú iyẹ̀pẹ̀, ihò kan ti dí tàbí òrùka ìdí ike ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi sí abẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó dá a padà sínú oòrùn.

Láti ìgbà náà, ìka yín ni kó máa sọ ìgbà tí ẹ máa bomi rin ín. Ẹ tì í bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Lóṣù keje, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ẹ kò ní bomi rin ín rárá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún inú àwọn ihò láti ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹrẹ̀ tí ekòló ń kó jọ máa ń dí wọn.

Lẹ́yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 20

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan sí méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 10 náà á há, ti líta 20 ló sì kàn, pẹ̀lú ihò 10 sí 12. Ibẹ̀ ni ayálégbé gbọ́dọ̀ ti ronú. Líta iyẹ̀pẹ̀ tútù kan máa ń wọn kílò kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 20 ti ju kílò 30 lọ, ẹrù èèyàn méjì. Ààbọ̀ dúróòmù, tó gba líta 100, á wọn bíi kílò 150. Ọsàn á so dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kúrò níbi tí ẹ bá gbé e sí. Kò sì yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kó kọjá líta 20 lè máa gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé íǹṣì kan kúrò yíká àti nísàlẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tuntun, kí ẹ sì gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka rẹ̀ kúrò kí gbòǹgbò tó kù lè bọ́ èyí tó kù. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ yẹ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Oòrùn ọdún méjì máa ń sọ ike ọ̀dà di ẹlẹ́gẹ́, ibi ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ já, torí náà abẹ́ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa gbé e.